Ibi Kan Lójúgun Ọmọ Mi

Pákó ni àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú ilé náà kò nílò kó yọjú kó tó mọ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọmọ mi obìnrin kejì bá ń bọ̀, ńṣe ló máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sórí páànù, nítorí kì í rìn, sísá ló máa ń sá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, mo jókòó nísàlẹ̀, mo ń to òwú àti bọ́tìnnì sínú àpótí tí mo máa gbé lọ sọ́jà, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ̀ bọ̀. Ẹsẹ̀ kan á kanlẹ̀, èkejì á wá bá a, wọ́n á dúró. Ẹsẹ̀ kan á tún kanlẹ̀, èkejì á wá bá a. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o."

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ káàárọ̀."

Mo gbójú sókè. Ọmọ mi ni, ó di igi àtẹ̀gùn mú. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan kan, oorun ló ṣì wà lójú òun. Ó kọjá lára mi, ó bọ́ síta. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà níkọ̀rọ̀ mọ́sáláṣí. Ó rìn dáadáa. Ó rìn dáadáa jù. Ẹni tí kò sí nǹkan tó ń ṣe kì í fi ìṣọ́ra rìn bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fojú sí i lára.

Ó yẹ kí n sọ irú ọmọ tó jẹ́. Eré sísá ni tirẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ẹ̀kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, kóòṣì kan wá rí i níbẹ̀, ó ní kí ó máa wá sí Oníkàn ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí àwọn tó dàgbà jù ú lọ ti ń sáré. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó máa ń pẹ́ kó tó délé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Èmi ò lòdì sí eré náà. Ọmọ tó bá ń sáré láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú kì í ráyè dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọkùnrin. Kóòṣì sì ti sọ fún wa pé wọ́n máa ṣe ìdánwò láti mú àwọn tó máa sáré fún ìpínlẹ̀, pé ilé iṣẹ́ ńlá kan lórí Erékùṣù máa ń gba irú wọn síṣẹ́, á máa sanwó fún wọn lóṣooṣù, á sì máa jẹ́ kí wọ́n sáré. Ọdún yẹn ni ọmọ mi máa parí ìwé mẹ́wàá. Iṣẹ́ nìyẹn, láìbẹ ẹnikẹ́ni. Tí ó bá wọlé nínú ìdánwò náà, ó ti di ẹni. Tí kò bá wọlé, àpótí òwú wà lọ́rùn mi, àyè ẹnì kejì sì wà níbẹ̀.

Ní ọdún tó ṣáájú, ojúgun ti dùn ún rí, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìyẹn ò pamọ́. Ó ń pariwo rẹ̀ kiri ilé. Etí eegun níhà inú ló ti ń dùn ún, ó sì gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi lókè lódò. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ eré, á máa ta á, bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, á rọlẹ̀, tí ó bá délé tí ara tutù, á tún padà. Kóòṣì ní àrùn àwọn asáré ni, kò le. Ó dín eré rẹ̀ kù, ó kó o kúrò lórí títì ọlọ́dà lọ sórí koríko, ó ní kí ó ra bàtà tuntun. Èmi náà ń fi omi gbígbóná àti òrí ra á fún un, ó sì lọ.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, mo gbé omi kaná. Mo ní, "Wá jókòó. Ojúgun yẹn ló tún dé."

Ó ní, "Ìyá, bí tọ̀dún yẹn náà ni. Ó máa ń rọlẹ̀ tí mo bá ti sáré díẹ̀."

"Mi ò tíì bi ọ́ bó ṣe ń ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún fún mi ṣáájú. Mo ra á láti kókósẹ̀ dé orúnkún, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo gba ẹsẹ̀ òsì. Mo ra á nísàlẹ̀, kò sọ nǹkan. Mo ra á lókè, kò sọ nǹkan. Bí àtàǹpàkò mi ṣe ń bọ̀ wá sí ibi kan, díẹ̀ nísàlẹ̀ àárín eegun, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní omi náà gbóná jù.

Mo ki ọwọ́ ara mi bọ omi náà. Kò gbóná.

Mo tún gba ẹsẹ̀ náà. Gbogbo ibi ló jẹ́ kí n fọwọ́ kàn, àfi ibẹ̀. Tí mo bá ti sún mọ́ ọn, á fọwọ́ ara rẹ̀ bò ó bí ẹni tó fi owó sábẹ́ aṣọ. Mo wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Ara ibẹ̀ wú díẹ̀, kò ju ìdí ife tí-ín-tín lọ. Mo da omi nù. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó nínú ara mi pé, kí ni ọmọ tó ń pariwo ìrora lọ́dún tó kọjá ń fi pamọ́ lọ́dún yìí?

Ibi tí mo bá ìrònú dé nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí sí yàrá rẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú àwa obìnrin ilé náà, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan.

Ó ní, "Ìyàwó, ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í.

"Ọ̀sẹ̀ yìí, gbogbo àwa obìnrin ilé yìí tí a ṣì ń rí nǹkan oṣù là ń san ààwẹ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ wa padà. Ìwọ ń san tìrẹ. Ìyàwó kékeré ń san tirẹ̀. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ń san tiwọn, wọ́n ń kùn bí oyin. Ọmọ rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni."

"Kò ní nǹkan kan tó máa san. Mo ṣọ́ ọ. Láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ tí a rí oṣù, ó gba gbogbo ààwẹ̀. Kò fi ìrun kan sílẹ̀. Ọmọbìnrin wo ló ń gba ààwẹ̀ tán pátápátá?"

Òótọ́ ni. Èmi ń yìn ín nínú ààwẹ̀ pé ẹ wo bó ṣe le lórí ìrun.

Ó tún ní, "Kò lè sọ̀ láti orí àtẹ̀gùn láàárọ̀. Kì í jẹun tán. Ojú rẹ̀ ti rù. Kóòṣì yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Mo kàn béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ bá gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tó túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan oṣù lọ́wọ́ ọmọbìnrin, ẹní ìkírun ló ń sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìrìn ìṣọ́ra, oúnjẹ tó ń ṣẹ́ kù nínú abọ́, bí ó ṣe ń yára kúrò níbi tí mo bá wà. Ó bá ara wọn mu. Ibi kan lójúgun rẹ̀ nìkan ni kò bá a mu, mo sì gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ aboyún máa ń wú, mo ní nínú ara mi.

Ọjọ́ kejì, mo ní kó wọ aṣọ, a ń lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé mi. Ìgbà tí ó rí i pé ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin ni mo ń mú un lọ, láàárín àwọn tó gbé ikùn síwájú, ó dúró.

"Ìyá, ẹsẹ̀ ni ẹ sọ."

"Wọ ibẹ̀."

"Ìyá."

"Wọ ibẹ̀, mo ní."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá jẹ́ àgbà obìnrin, ohùn rẹ̀ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé. Ó lé mi síta, ó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ka ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún kóòṣì náà lọ́kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ ò le.

Ó ní, "Ìyá, kò sí oyún. Ọkùnrin ò tíì mọ ọmọ yín rí."

Mo ní, "Nǹkan oṣù rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti dúró, ó ti tó oṣù mélòó kan. Ẹ wo ọrùn ọmọ yìí. Ó ń gbààwẹ̀, ó ń sáré ní ìrọ̀lẹ́, ó dé, ó jẹ ẹ̀kọ kan, ó ní òun yó. Ara tí kò rí oúnjẹ tó, ibi tó bá wù ú ló ti máa ń rẹ́ ìnáwó rẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n nígbà tó ń bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ òsì bí ẹyin. Ta ló ti wo ìyẹn?"

Ọmọ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní ẹlẹgbẹ́ òun kan ló sọ pé ara tó bá fúyẹ́ ló ń sáré, pé ọ̀rá ni òun ń gbé kiri. Ọ̀rá wo? Mo wo ọmọ tí a lè ka eegun àyà rẹ̀ láti òdìkejì òpópó.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ lẹ́nu dókítà mìíràn pé nǹkan oṣù tó dúró àti eegun tó ń sán, ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa ń gbà wọlé sára àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré, pé àìjẹunkánú ló ń sọ eegun di aláìlágbára. Lọ́jọ́ yẹn, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú mi. Ara tù mí lórí ọ̀kan, mo sì padà sórí èkejì.

Nọ́ọ̀sì darí wa sọ́dọ̀ dókítà eegun. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó kúrò nílé pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi pé níbo ló ń dùn, nígbà wo.

Ọmọ mi dáhùn gbọọrọ pé ó ń dùn létí eegun láti òkè wá sísàlẹ̀, ní ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ó bá bẹ̀rẹ̀ eré, tí ara bá gbóná á rọlẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, irọ́ ni."

"Ìyá!"

"Ti èṣí ló ń kà fún yín. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn náà ló sọ léṣìí, mo mọ̀ wọ́n. Lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ kan ni, ibi kan ni. Ó sì ń gbé ẹsẹ̀ náà lé orí ìrọ̀rí sùn, ó rò pé mi ò rí i."

Dókítà wo èmi, ó wo òun. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní kí ó na ẹsẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ etí eegun náà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ojú ọmọ mi sì ni ó ń wò, kì í ṣe ẹsẹ̀. Bí ó ṣe kan ibẹ̀, ojú náà yí padà, ẹnu rẹ̀ ń sọ pé kò dùn. Ó yí àtàǹpàkò kúrò díẹ̀, ojú náà padà bọ̀ sípò.

Ó ní, "Ìyá, ohun méjì ló wà níbí. Tí ìrora bá tẹ́ gbọọrọ létí eegun, tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, tó ń ta eléré níbẹ̀rẹ̀, tó sì ń rọlẹ̀ bí ara ti ń gbóná, ibi tí ẹran lẹ̀ mọ́ eegun ló ń bínú. Ìyẹn, kí ó dín eré kù, á lọ. Ṣùgbọ́n tí ó bá jẹ́ ojú kan, tí ìka kan lè bò, tí ó ń le sí i bó ṣe ń sáré sí i, tó wá ń dùn lórí ìrìn, tó ń dùn lórí ìdùbúlẹ̀, eegun fúnra rẹ̀ ni mo fura sí. Ó lè ti sán."

"Ó ti dá?"

"Kò dá. Ó sán, bí ìkòkò ṣe ń sán tí kò tíì jò."

Ó bi í pé kí ló yí padà nínú eré rẹ̀. Ìgbà náà ni a gbọ́ pé bí ààwẹ̀ ti parí ni wọ́n fi kún un, eré tí wọ́n ń sá lọ́sẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n sì ti gbé e lọ sórí ọ̀dà ní Marínà nítorí omi òjò bo pápá. Bàtà rẹ̀, ti èṣí náà ni. Dókítà kàn mi orí.

Wọ́n ya fọ́tò eegun náà. Dókítà gbé e sójú iná, ó wò ó pẹ́. Ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ọmọ mi dìde fúyẹ́. "Ìyá, ẹ rí i?"

Dókítà ní, "Jókòó. Ìlà tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn. Ìgbà tí eegun bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ ṣe, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta sí i, ló sábà máa ń hàn. Ẹ padà wá nígbà náà. Títí di ìgbà yẹn, kò gbọdọ̀ sáré. Bí ó bá ń tiro, kí ó fi ọ̀pá rìn. Tí ó bá sáré lé e, tí ó sì dá lóòótọ́, iṣẹ́ abẹ la máa sọ."

Mi ò tijú láti sọ pé mo fura sí dókítà náà. Nínú ọjà wa, tí ẹnì kan bá sọ pé ọjà wà ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé rí, àpò owó la máa ń kọ́kọ́ dì mú. Fọ́tò ní kò sí, òun ní ó wà. Ṣùgbọ́n èmi náà ti fọwọ́ ara mi kan ibẹ̀, fọ́tò ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ìdánwò ìpínlẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà.

Ọjọ́bọ̀ ni kóòṣì wá sílé. Ọkùnrin gíga ni, ó ti ń hewú létí, kò rí bí ẹni tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń rò. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa, ó jókòó. Ọmọ mi ti sọ tẹnu rẹ̀ fún un kí ó tó dé, mo mọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ.

"Màmá, mo gbọ́ pé fọ́tò náà mọ́."

"Ó mọ́. Dókítà ní kí ó má sáré."

"Àwọn dókítà, Màmá, tí eléré bá ní orí ń fọ́ òun, wọn á ní kí ó má sáré." Ó sún àga rẹ̀ mọ́ wa. "Ẹ dákun, mi ò fẹ́ kó dà bí àfojúdi. Ṣé ọkọ kan ti wà nílẹ̀ ni? Mo ti rí i rí. Ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dára, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń dùn ún, tó bá di oṣù kejì, ìgbéyàwó dé."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jókòó níkọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí nǹkan? Àwa ń fura sí yín, ẹ̀yin ń fura sí wa."

"Ẹ ń fura sí mi nípa kí ni, Ìyá?"

"Ẹ mu omi yín."

Mo bi í léèrè pé tí ọmọ mi bá wọlé, kí ni tirẹ̀ níbẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Orúkọ ni, Màmá. Mi ò ní í parọ́ fún yín. Mi ò tíì ní ọmọ tó wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ rí." Ìdáhùn náà tẹ́ mi lọ́rùn ju bí ó bá ti ní kò sí. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n gbà á gbọ́ sí i. Ẹni tó ń retí orúkọ lè rí ẹsẹ̀ tó sán kó pè é ní ẹsẹ̀ tó rẹ̀.

Ó ní ìlànà kan wà tí òun máa ń tẹ̀ lé: òun á ní kí eléré fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún nìkan fò sókè lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ìrora ti èṣí yẹn, èèyàn lè fò lórí rẹ̀. Tí eegun bá sán, ibi kan ṣoṣo ni á gún un, kò ní í lè fò ó dáadáa. Òun á dán an wò lórí pápá ní Sátidé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá lè fò, kò ní sáré.

Mo ní, "Ẹ dán an wò nísinsìnyí."

Ọmọ mi yára ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó rẹ òun, kí ẹsẹ̀ òun sinmi di Sátidé. Kóòṣì ní ìyẹn náà dára. Mo wo àwọn méjèèjì. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n èmi náà ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Màmá, ẹ máa pàdánù ọjà ọjọ́ Sátidé."

"Ọjà á dúró dè mí."

Ní Sátidé náà, mo jókòó sórí àpáta símẹ́ǹtì tó wà létí pápá, mo fi ìborùn bo orí nítorí oòrùn. Àwọn ọmọbìnrin ń na ẹsẹ̀, àwọn kan ń fo sókè fo sódò. Kóòṣì pe ọmọ mi síwájú ibi tí mo jókòó, kí n lè rí i, bóyá. Ó ní, "Ó yá. Fò."

Ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó fò lórí èkejì. Ó fò dáadáa, ó fò ga, irun rẹ̀ ń mì. Kóòṣì ń wo ojú rẹ̀ bí dókítà ṣe wò ó. Ojú náà mọ́ bí omi. Ó ní, "Dára. Ó dára. Lọ wọ bàtà rẹ."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi fò.

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá kóòṣì rí i tàbí kò rí i. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọmọlọ́mọ! Mo dìde. Mi ò pariwo.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?"

Ọmọ mi yíjú sí mi. Mo ti rí i níbi tí ó ti ń bínú, mo ti rí i níbi tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀, mi ò rí àwọn méjèèjì lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà rí. Kóòṣì yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo èmi, ó wo bàtà tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ òsì, ọmọ mi."

Ó sọ bàtà sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó balẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì kó jọ bí aṣọ tí wọ́n fún. Kò fo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti padà sílẹ̀, ó ń gbé ara lé e.

Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ eegun náà, ó ń bọ̀ wálẹ̀ láti orúnkún. Nígbà tó dé ibẹ̀, ọmọ mi di èjìká rẹ̀ mú.

Ó bi í pé, "Ọjọ́ wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ààwẹ̀ tó parí ni ó ti ń ta mí díẹ̀, sà. Láti ìgbà tí a ti lọ sí Marínà ló ti le."

"O sì sọ fún mi pé ti èṣí ni."

"Ti èṣí, ẹ kàn dín eré kù fún mi ni. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ èyí, ẹ máa dá mi dúró."

Kóòṣì dìde. Ó ṣí nọ́ńbà tí wọ́n fi píìnì so mọ́ àyà ọmọ mi fúnra rẹ̀, píìnì kọ̀ọ̀kan, ó rọra ṣe é kí ó má gún un. Ó ní, "Ó parí fún tọdún yìí." Ó yíjú sí mi. Ó lọ bá àwọn ìgbìmọ̀ nídìí tábìlì wọn.

A jókòó. Ọmọ mi ní a ò ní lọ, òun fẹ́ wo eré náà. Nígbà tí wọ́n yí pápá po lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ kan tí òun máa ń ṣẹ́gun nígbà gbogbo ló gba iwájú. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń le lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé òun náà ń sá a.

Ó ní, láìwò mí, "Ẹ ti ba ayé mi jẹ́, Ìyá."

Mo ní, "Ẹsẹ̀ méjì ni mo bí mọ́ ọ. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn."

Ilé iṣẹ́ yẹn gba ọmọ tó gba iwájú náà.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, ó tún ya fọ́tò. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wò ó pẹ́ kí ó tó pè wá. Ìlà funfun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ eegun, ibẹ̀ sì wú síta díẹ̀, bí ibi tí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì lẹ ara ògiri. Ó ní eegun tuntun nìyẹn, ó ń lẹ ara rẹ̀. Mo gbé fọ́tò náà lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé e sójú fèrèsé, ó yí i sókè, ó yí i sódò.

"Kí n sọ òótọ́, Ìyàwó, mi ò rí nǹkan kan níbí."

"Ìlà tó wà níbẹ̀ yẹn ni."

"Háà." Ó dá a padà fún mi. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ló ń rí eku àti òjìji eku."

Láti ìgbà náà ni èmi àti òun ti pawọ́ pọ̀ lórí oúnjẹ ọmọ náà. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, wàrà nígbà tí owó bá wà. Òun á jókòó tì í títí abọ́ á fi mọ́.

Oṣù méjì gbáko ni kò fi sáré. Nígbà tó rìn tí kò dùn ún, tí mo tẹ ibẹ̀ tí kò fa ẹsẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ mi, dókítà ní kí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó sá a díẹ̀, kí ó rìn díẹ̀, kí ó má sì sáré lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Mo bá a lọ sórí koríko Oníkàn lọ́jọ́ kìíní. Kóòṣì wà ní òdìkejì pẹ̀lú àwọn mìíràn, ó gbé ọwọ́ sókè kí wa, kò wá.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán omi wò. Mo ń wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń wá ìrìn ìṣọ́ra yẹn. Mi ò rí i. Ó yà níbi tí koríko ti tán, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti mú ìbéèrè mi dání. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dín eré kù, ó rìn, ó wá dúró. Kò sí ẹni tó pè é.

Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan tẹ ojúgun rẹ̀, ó sún un sísàlẹ̀ díẹ̀, ó tún tẹ ẹ́.

Ó ní, "Ó ń ta mí díẹ̀, Ìyá. Kò pọ̀. Ibẹ̀ náà ni."

Mo dúró kí n gbọ́ ìyókù: pé ó máa rọlẹ̀, pé ara òun ò tíì gbóná.

Ó tú okùn bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí n tún dán an wò."